Níbo Ni Ká Ti Pàdé? Bí Àwọn Ọ̀rẹ́ Tó Wà Ní Ìlú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Ṣe Lè Yan Ibi Ìpàdé Tí Kò Rẹ́ Ẹnikẹ́ni Jẹ

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ kíláàsì kan náà tí kò mọ àríyànjiyàn yìí: níbo ni a ó ti ṣe ìpàdé ọdún yìí? Nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà nílé òbí wọn ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣín, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa gbé ọmọ jìnnà, ìgbéyàwó a sì máa gbé òmíràn jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹnì kan ti di ará Ìlọrin, ẹnì kejì ti di ará Àkúrẹ́, àwọn tó pọ̀ jù sì kù sí Èkó. Àwọn tó pọ̀ jù yìí ni wọ́n máa ń wí pé, "Ẹ máa bọ̀ ní Èkó, ibẹ̀ ló rọrùn." Ó rọrùn lóòótọ́, fún àwọn tó ń sọ ọ́. Bí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá, ará Ìlọrin kò wá mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa sọ pé ó ti gbàgbé wọn. Kò gbàgbé ẹnikẹ́ni. Ìrìn náà ló sú u.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìṣirò tirẹ̀, ìṣirò náà kò sì ju èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe lọ. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni láti mọ ohun tí à ń wá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Nítorí ìṣirò méjì ló wà, tí ẹni tó bá ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbà pé òun ń ṣe ẹ̀tọ́, síbẹ̀ tí ìdáhùn wọn kì í dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ẹnì kan ní Sùúrùlérè, ẹnì kan ní Yábàá, ẹnì kan ní Mùṣín, ẹnì kan ní Ìlọrin àti ẹnì kan ní Àkúrẹ́, kí a sì bá wọn wá ibi tí wọn yóò ti pàdé ní ọjọ́ Sátidé kan.

Agbedeméjì orí àwòrán ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tó wà ní Èkó. Gbogbo ibi tó wà láyé ló ní nọ́mbà méjì tí a fi ń dá a mọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, sí àríwá tàbí sí gúúsù. Nọ́mbà kejì ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Gríníìṣì kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Díígírì ni a fi ń ka méjèèjì. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú Google Maps lórí fóònù yín, nọ́mbà méjèèjì yóò hàn. Sùúrùlérè wà ní nǹkan bí 6.50 sí àríwá àti 3.36 sí ìlà-oòrùn. Yábàá wà ní 6.51 àti 3.38, Mùṣín wà ní 6.53 àti 3.35.

Láti rí agbedeméjì wọn, a ó kó nọ́mbà àríwá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, a ó sì fi mẹ́ta pín in. A ó ṣe bákan náà fún nọ́mbà ìlà-oòrùn. Ìpíndọ́gba tí a ó rí ni 6.51 àti 3.36. Bí ẹ bá wá ibi tí nọ́mbà yẹn bọ́ sí, Ojúẹlẹ́gba ni, tàbí ibi tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí i. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ojúẹlẹ́gba ni ọ̀nà tó ti Mùṣín bọ̀ gba Ìdí-Òrò ti pàdé èyí tó ti Yábàá bọ̀ gba Tẹ̀júòṣó, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ará Sùúrùlérè ń gbà jáde. Níhìn-ín, àwòrán ilẹ̀ àti ojú ọ̀nà fẹnu kò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe irú ìṣirò kan náà fún ìlú mẹ́ta. Kí a fi Yábàá dúró fún Èkó. Ìlọrin wà ní 8.50 àti 4.55, Àkúrẹ́ wà ní 7.25 àti 5.20.

```
(6.51 + 8.50 + 7.25) ÷ 3 = 7.42
(3.38 + 4.55 + 5.20) ÷ 3 = 4.38
```

Ibi tí ìdáhùn yìí bọ́ sí kò ju nǹkan bíi kìlómítà méje lọ sí gúúsù Gbọ̀ngán, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ó dára díẹ̀, nítorí Gbọ̀ngán jẹ́ oríta gidi: ibẹ̀ ni ọ̀nà Òṣogbo ti yà kúrò lára ọ̀nà Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Èkó kan yóò dìde, yóò ní: "Ẹni mẹ́ta ni wá ní Èkó, ẹ kò sì ka wa ju ẹyọ kan lọ." Òótọ́ ló sọ. Bí a bá ka orí kọ̀ọ̀kan dípò ìlú kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi márùn-ún pín in, ìdáhùn yóò di 7.06 àti 3.97. Ibi ìpàdé ti sá kúrò ní Gbọ̀ngán, ó ti bọ́ sínú igbó tó wà ní àríwá Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀nà tààrà kan kò ti Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ wá síbẹ̀, ilé ìtura tí a lè jókòó sí kò sì sí nínú igbó.

Ibi tí agbedeméjì orí àwòrán ilẹ̀ ń parí sí nìyẹn. Ó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni pé ẹyẹ ni wá, tí à ń fò tààrà. Bí àwọn ọ̀rẹ́ náà bá tilẹ̀ jìnnà sí ara wọn ju báyìí lọ, ọ̀rọ̀ náà á di àwàdà: agbedeméjì ẹni tó wà ní Yábàá àti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bọ́ sínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ilẹ̀ Àljíríà. Síbẹ̀ kò yẹ kí a ju ìṣirò náà nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ agbègbè tí a ó ti máa wá nǹkan fún wa. Bí ìdáhùn kan bá sọ Gbọ̀ngán, tí èkejì sì sọ àríwá Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ìlú ńlá tó wà nítòsí ni a ó kọ sílẹ̀ láti yẹ̀ wò: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo. A ó sì fi Èkó kún un, nítorí pé àwọn kan ti dárúkọ rẹ̀.

Wákàtí ni a fi ń wọn ọ̀nà, kì í ṣe kìlómítà

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ iye wákàtí tí yóò lò láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ìlú kọ̀ọ̀kan tí a kọ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ni mo wí, kì í ṣe láti ẹnubodè ìlú dé ẹnubodè ìlú. Ẹni tó ń gbé Mùṣín kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrìn Ìbàdàn nígbà tó bá gbéra nílé. Ó ní láti kọ́kọ́ dé Bẹ́gà, níbi tí òpópónà márosẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èyí lè má ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ lè sọ ọ́ di wákàtí méjì. Bí Jímọ̀ náà bá sì jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀pọ̀ èrò tó ń lọ sí ìpàdé Ẹ̀mí Mímọ́ ní ibùdó Ìjọ Rìdíìmù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yóò fi kún un. Nítorí náà, ọjọ́ àti wákàtí ni a ó kọ́kọ́ yàn, lẹ́yìn náà ni a ó tó béèrè iye àkókò.

Google Maps lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Àṣìlò tó wọ́pọ̀ ni pé ẹnì kan á béèrè ọ̀nà ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á sì gbà pé bí ọ̀nà ṣe rí ní wákàtí yẹn náà ni yóò rí ní Sátidé. Dípò bẹ́ẹ̀, kí ó yan `Arrive by`, kí ó fi Sátidé àti aago mọ́kànlá àárọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ohun gbogbo. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ èrò kì í gbéra ní gáréèjì títí yóò fi kún. Kò mọ iye ibi tí àwọn ọlọ́pàá yóò ti dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè gba ohun tí fóònù sọ, kó fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò ní láti fi àkókò ìdúró kún un, kí ó sì bi awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà léèrè. Àìka àkókò ìdúró yìí ni ó sábà máa ń mú kí ìṣirò dá àwọn tí kò ní ọkọ̀ lóró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ wa márùn-ún ti ṣe é, tí wọ́n sì mú èsì wọ̀nyí wá, ní wákàtí, fún àlọ nìkan. Àwọn ará Èkó mẹ́ta kò jìnnà síra, nítorí náà iye kan náà ni a kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

| Ibi ìpàdé | Ará Èkó kọ̀ọ̀kan | Ará Ìlọrin | Ará Àkúrẹ́ | Àpapọ̀ gbogbo wọn | Ìrìn tó gùn jù |
|---|---|---|---|---|---|
| Èkó | 1 | 6 | 6 | 15 | 6 |
| Ìbàdàn | 3 | 3 | 4 | 16 | 4 |
| Ilé-Ifẹ̀ | 4.5 | 3 | 2 | 18.5 | 4.5 |
| Òṣogbo | 5 | 2 | 2.5 | 19.5 | 5 |

Ìdájọ́ méjì tí kò dọ́gba

Ẹ wo òpó méjì tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì yẹn. Èkíní ń wí pé: ẹ jẹ́ kí a yan ibi tí àpapọ̀ wákàtí gbogbo wa yóò ti kéré jù lọ, kí ẹgbẹ́ má baà fi àkókò ṣòfò. Ìdáhùn rẹ̀ ni Èkó, wákàtí 15. Èkejì ń wí pé: ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ìyà ìrìn náà yóò jẹ jù, kí a sì yan ibi tí ìyà rẹ̀ yóò ti kéré jù. Ìdáhùn rẹ̀ ni Ìbàdàn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lò ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Bí ìṣirò àpapọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀. Nígbàkigbà tí àwọn tó wà ní ibì kan bá ti ju ìdajì ẹgbẹ́ lọ, ibi tí wọ́n wà ni ìṣirò náà yóò máa yàn, bó ti wù kí àwọn yòókù jìnnà tó. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ jẹ́ kí a gbé ibi ìpàdé kúrò ní Èkó, kí a sún un ní wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè. Àwọn ará Èkó mẹ́ta yóò fi wákàtí kọ̀ọ̀kan kún ìrìn wọn, ìyẹn wákàtí mẹ́ta. Àwọn méjì yòókù nìkan ló lè jèrè, èrè wọn kò sì lè ju wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ, ìyẹn méjì. À ń pàdánù mẹ́ta, à ń jèrè méjì. Bí a ti ń sún un tó, bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Bí ẹni méjì náà bá wà ní Ìlọrin tàbí ní Ṣókótó, ìdáhùn kò ní yí padà: Èkó ni.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Èkó bá ní ìṣirò ló yan Èkó, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ìbéèrè tí wọ́n bi ìṣirò náà ni kò lè ní ìdáhùn mìíràn. Nínú tábìlì wa, wákàtí kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ fi jèrè bí wọ́n bá yan Èkó dípò Ìbàdàn, 15 dípò 16. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó san owó wákàtí kan yẹn. Ará Ìlọrin lọ ní wákàtí mẹ́fà, ó bọ̀ ní mẹ́fà. Méjìlá nìyẹn, kò sì lè ṣe é ní ọjọ́ kan láìfi òru rìn. Ní Ìbàdàn, ará Àkúrẹ́ tó jìnnà jù lè gbéra ní aago méje àárọ̀, kó dé ní mọ́kànlá, kó jókòó fún wákàtí mẹ́rin, kó sì padà délé ní aago méje alẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹni tó lè wá àti ẹni tí kò lè wá nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí bí ìṣirò àpapọ̀ ṣe máa ń yí bírí. Bí ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó kò bá lè wá lọ́dún yìí, tí ó ku ẹni méjì níbẹ̀, àpapọ̀ Èkó yóò di 14, ti Ìbàdàn yóò di 13. Ẹnì kan péré ló yọwọ́, ìdáhùn sì ti yí padà. Ibi ìpàdé tí wíwá tàbí àìwá ẹnì kan lè gbé kúrò ní Èkó lọ sí Ìbàdàn, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a fọwọ́ sọ̀yà lé.

Síbẹ̀, ìdájọ́ kejì náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tó jìnnà jù nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ká ní ọmọ kíláàsì kẹfà wà ní Kánò, tí a sì ní kí ìrìn rẹ̀ má gùn ju ti àwọn ará Èkó lọ. Agbedeméjì Kánò àti Èkó bọ́ sí agbègbè Bídà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni márùn-ún yóò wá máa rìn lọ sí Bídà nítorí ẹnì kan. Ẹni tó bá wà ní irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ òfúrufú, nítorí náà kí a kà á bí ẹni pé pápákọ̀ òfúrufú tó balẹ̀ sí ni ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ará Kánò tàbí ará Lọ́ńdọ̀nù tó balẹ̀ sí Ìkẹjà ti di ará Èkó nínú tábìlì wa. Owó ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.

Ìlànà tó bọ́gbọ́n mu jù lọ, nígbà náà, ni láti lo méjèèjì ní títẹ̀léra. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí iye wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ní àlọ. Wákàtí mẹ́rin dára fún ìpàdé ọlọ́jọ́ kan. Kí a fa igi lé gbogbo ìlú tó bá kọjá iye yẹn fún ẹnikẹ́ni. Lára èyí tó bá ṣẹ́kù, kí a wá yan èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré jù. Nínú tábìlì wa, Ìbàdàn nìkan ló yege. Bí kò bá sí ìlú tó yege, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn: ìpàdé ọlọ́jọ́ kan kò lè ṣe, kí a sọ ọ́ di ọlọ́jọ́ méjì.

Níbo gan-an nínú Ìbàdàn?

Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí a bá dárúkọ ìlú, nítorí Ìbàdàn tóbi tó láti jẹ wákàtí kan nínú ìrìn ẹni. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnubodè tí oníkálukú yóò gbà wọlé. Ará Ìlọrin yóò gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, yóò sì wọlé láti Ọjọ́ọ̀, ní àríwá. Ará Àkúrẹ́ yóò gba Iléṣà, Ifẹ̀ àti Aṣéjìre, yóò sì wọlé ní agbègbè Ìwó Ròòdù, ní ìlà-oòrùn. Ará Èkó tó wá pẹ̀lú mọ́tò yóò dé láti gúúsù, ṣùgbọ́n òpópónà tó gbé e wá kò dúró síbẹ̀. Ó gba Ìwó Ròòdù kọjá títí dé Ọjọ́ọ̀.

Ará Èkó tún ní ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí Ààrẹ Mùhámmádù Bùhárí ti ṣí ọ̀nà rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní kìlómítà 157, ọkọ̀ ojú irin ń gbéra ní ibùdó Mobọ́lájí Jọ́nsìn ní ẹ̀gbẹ́ Yábàá níhìn-ín. Kò ní í ṣe pẹ̀lú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Bẹ́gà. Ó gba Abẹ́òkúta, ó sì parí ìrìn rẹ̀ sí Mọníyà, tí kò jìnnà sí Ọjọ́ọ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tí a sì fi ìpàdé sí Challenge ní ìhà gúúsù Ìbàdàn, yóò la gbogbo ìlú já kó tó débẹ̀. Ará Ìlọrin náà yóò la ìlú já. Bí a bá fi ìpàdé sí ìhà Ọjọ́ọ̀ tàbí àyíká Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀nà ará Ìlọrin, ti ará Àkúrẹ́, ti oní-mọ́tò Èkó àti ti ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin yóò parí sí tòsí ara wọn. Kìkì pé kí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin yẹ àkókò ìgbéra wò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá ti àbọ̀, nítorí ọkọ̀ náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí àwọn ará Èkó mẹ́ta bá yan mọ́tò, kí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Ojúẹlẹ́gba, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìṣirò kékeré tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti wúlò níhìn-ín.

Owó àti ìwé àkọsílẹ̀

Ibi tó dára jù pàápàá kò lè sọ ìrìn gbogbo ènìyàn di ọgbọọgba. Ará Àkúrẹ́ ṣì fi wákàtí kan ju àwọn yòókù lọ. A kò lè dá wákàtí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n a lè dá owó ọkọ̀ dọ́gba. Ká ní àlọ àti àbọ̀ ná ará Èkó kọ̀ọ̀kan ní ₦12,000, ó ná ará Ìlọrin ní ₦14,000, ó sì ná ará Àkúrẹ́ ní ₦19,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦69,000. Bí a bá fi márùn-ún pín in, ₦13,800 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ará Èkó kọ̀ọ̀kan yóò mú ₦1,800 wá. Nínú ₦5,400 tí wọ́n bá kó jọ, ará Ìlọrin yóò gba ₦200, ará Àkúrẹ́ yóò gba ₦5,200. Kò sí ẹni tó ṣe ẹlòmíràn lóore níbẹ̀. Gbogbo wọn ti san iye kan náà láti rí ara wọn.

Ní ti wákàtí, ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà ṣe é ni ó dára jù. Ọjà ọrọọrún kì í dúró sí abúlé kan. Bí abúlé yìí bá ná tirẹ̀ lónìí, èyí tó kàn á ná tirẹ̀ lọ́la, títí yóò fi yí ká. Ẹni tó rìn jìnnà lọ́jà àná lè má rìn rárá lọ́jà òní. Ẹgbẹ́ pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí akọ̀wé ní ìwé kan tó ń kó wákàtí ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ láti ọdún dé ọdún. Ìlànà rẹ̀ ni pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí a yan ibi tí yóò mú kí àpapọ̀ ẹni tó ti rìn jù kéré jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ní ọdún àkọ́kọ́, a lọ sí Ìbàdàn: ará Èkó kọ̀ọ̀kan ní 3, ará Ìlọrin ní 3, ará Àkúrẹ́ ní 4. Ní ọdún kejì, bí a bá tún lọ sí Ìbàdàn, àpapọ̀ ará Àkúrẹ́ yóò di 8. Bí a bá lọ sí Ifẹ̀, ẹni tó pọ̀ jù ni ará Èkó, pẹ̀lú 7.5, àwọn méjì yòókù yóò sì ní 6 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, Ifẹ̀ ni. Ní ọdún kẹta, bí a bá lọ sí Èkó, àwọn tó ti òkè wá yóò fò sókè di 12. Ìbàdàn yóò mú kí ẹni tó pọ̀ jù wà ní 10.5 péré. Ìbàdàn ló tún yá. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìbàdàn: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ará Èkó ní 10.5, ará Ìlọrin ní 9, ará Àkúrẹ́ ní 10. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni a lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 3 ni ará Èkó ìbá ní, 18 ni ti ará Ìlọrin àti ti ará Àkúrẹ́.

Ìwé yẹn nílò òótọ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé béèrè àkókò tí oníkálukú gbéra nílé àti àkókò tó dé, kí ó sì kọ èyí sílẹ̀ dípò èyí tí a fojú dá. Bí àkókò ẹnì kan bá fi ju wákàtí kan lọ ju ohun tó wà nínú tábìlì, ó ní ìdí: bóyá ọjọ́ tí a yàn ni kò dára, bóyá ọ̀nà náà ti bàjẹ́, bóyá ìdúró ní gáréèjì ni a kò kà. Kí a tún nọ́mbà náà ṣe kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Kí a tó yan ibi ìpàdé mìíràn, kí ẹnì kan sì pe ará Ìlọrin tí kò wá lọ́dún tó kọjá, kí ó bi í léèrè pé wákàtí mélòó ni ìrìn náà ń gbà á gan-an.